Ṣé Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ló Ń Kó Fúlúù Bá Ènìyàn?
Ọ̀rọ̀ tí àwa nọ́ọ̀sì bá ìjọ sọ ní Olúpọ̀nnà

Ọ̀rọ̀ wa kò ní gùn. Inú ìbéèrè tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aráàlú ni a ti fà á yọ, pàápàá lẹ́nu àwọn ìyá tí wọ́n lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì bá abẹ́rẹ́ fúlúù pàdé níbẹ̀, àti lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń múra àtilọ sí Mẹ́kà láti Ìwó àti agbègbè rẹ̀, nítorí pé àwọn aláṣẹ Sáúdí Arébíà máa ń gba àwọn onírìn-àjò náà nímọ̀ràn pé kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ yìí kí wọ́n tó wá.

Èyí tí a ń gbọ́ jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà ni pé abẹ́rẹ́ yìí gan-an ló ń kó fúlúù bá ènìyàn. Òun ni a ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. A kò wá fi ipá mú ẹnikẹ́ni gba abẹ́rẹ́. Ohun tí a wá ṣe ni láti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ohun tí ó lè ṣe, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni orúkọ. Bí imú ènìyàn bá ń ṣomi, a ó ní ọ̀fìnkìn ni. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, a ó ní ibà ni. Fúlúù ń farahàn bí ọ̀fìnkìn, ó sì ń farahàn bí ibà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èkíní, kì í sì í ṣe èkejì. Ọ̀fìnkìn lásán máa ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀: ọ̀fun á kọ́kọ́ máa yún ni, imú á máa ṣomi, ẹni náà á ṣì máa lọ sí ọjà rẹ̀. Fúlúù kì í yọ́ wọlé. Ẹni tí ó jí ní àlàáfíà lè má lè dìde lórí ẹní kí ilẹ̀ tó ṣú. Ara á gbóná kíkan, orí á máa fọ́, gbogbo oríkèé ara á máa ro, ikọ́ gbígbẹ á bẹ̀rẹ̀, agbára á sì tán pátápátá. Ní ti ibà tí ẹ̀fọn ń fà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè fi í hàn dájú. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ yín pé kí ẹ má ṣe máa ra oògùn ibà lò léraléra láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò sí ibà, tí ara sì ń gbóná tòun ti ikọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ fúlúù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni fúlúù ń dá dùbúlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, tí wọ́n sì ń dìde láìlo oògùn kan pàtó. Àwọn tí ó ń pa ni arúgbó, ọmọ ìkókó, aboyún, àti ẹni tí ó ti ní àìsàn mìíràn lára tẹ́lẹ̀, bí ikọ́ fée, àìsàn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Lára irú wọn, àrùn náà lè sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilẹ̀ wa ti rí ọdún kan tí kò dá àwọn tí ara wọn le sí pàápàá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, fúlúù gba ojú omi wọ Èkó, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin gòkè lọ sínú ilẹ̀. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló bá a lọ ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀, nígbà tí gbogbo ará ilẹ̀ yìí kò ju bíi mílíọ̀nù 18 lọ. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan fún un nígbà náà. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ tó rí kòkòrò tí ń fa fúlúù mú jáde lára ènìyàn, èyí tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Ìyá àgbà kan, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹwàá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí ilé oògùn, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ fúlúù ní apá. Nígbà tí ìyá yìí dé ilé, ó wá bá wa ní ilé ìwòsàn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó sì sọ fún wa pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò tún ní gba abẹ́rẹ́ yẹn mọ́ láyé mi. Ara mi dá ṣáṣá kí n tó gbà á. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti dùbúlẹ̀ àìsàn.” A kò bá a jiyàn. A ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a jọ ka ọjọ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, apá tí wọ́n gún ń dùn ún, kò sì lè fi sùn. Ní ọjọ́rú, ara rẹ̀ wúwo, ó sì gbóná díẹ̀. Ní ọjọ́bọ̀, gbogbo èyí ti rọlẹ̀, ó tilẹ̀ se ọbẹ̀ fún wọn nínú ilé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, imú rẹ̀ sì ń ṣomi. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ikọ́ dé, ara gbóná, ó sì dùbúlẹ̀. Ó tó ọjọ́ mẹ́jọ kí ó tó gbádùn.

A bi í pé, “Ta ló tún ṣàìsàn nínú ilé náà?” Ó ronú díẹ̀, ó ní ọmọ-ọmọ òun gbé ikọ́ dé láti ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́rú yẹn, òun náà ni ó sì ń gbé ọmọ náà sẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí ìyá yìí. Ti àkọ́kọ́, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé ọjọ́rú, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni lóòótọ́. Nígbà tí ara bá rí àlejò tuntun, yóò gbéra láti dojú kọ ọ́, ìgbéra náà ló sì ń fa apá dídùn, ara wíwúwo àti ìgbóná díẹ̀. A máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, kì í sì í sábà ju ọjọ́ méjì lọ. Kì í mú imú ṣomi, kì í mú ènìyàn wúkọ́. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ nìyẹn. Ti èkejì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, òfìfo ni ọwọ́ abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì fúlúù bá wọ ara ènìyàn, ó máa ń tó ọjọ́ kan sí mẹ́rin kí àìsàn tó yọjú. Ẹ ka ọjọ́ náà padà láti ọjọ́ Ẹtì: yóò bọ́ sí ìgbà tí ọmọ náà gbé ikọ́ wọlé.

Ṣùgbọ́n ìyá náà tún bèèrè ohun kan tí ó mọ́gbọ́n wá: bí òun bá ti gba abẹ́rẹ́, kí ló dé tí kò dáàbò bo òun? Ìdí rẹ̀ ni pé ara nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láti kọ́ àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ ní ìjà tí abẹ́rẹ́ fi hàn wọ́n. Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó tíì ní. Ọlọ́dẹ ti dé, ṣùgbọ́n kò tíì gba ìbọn. A sì tún sọ òtítọ́ kan fún un: kò sí ẹni tí ó lè búra pé fúlúù gan-an ló mú un. Imú tí ó kọ́kọ́ ṣomi, ọ̀fun tí ó kọ́kọ́ dùn, ọ̀fìnkìn lásán ni wọ́n sábà ń tọ́ka sí, abẹ́rẹ́ fúlúù kò sì ní agbára kankan lórí ọ̀fìnkìn. Oríṣiríṣi kòkòrò ló ń fà á, fúlúù kò sí lára wọn. Ẹni tí ó bá gba abẹ́rẹ́ fúlúù nítorí pé kò fẹ́ kí imú òun tún ṣomi mọ́ nígbà ọyẹ́ ti ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò tà fún un.

Nísinsìnyí, kí ni ó wà nínú ìgò náà tí a fi ń sọ pé kò lè kó fúlúù bá ènìyàn? Àwọn tí ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí máa ń fi fáírọ́ọ̀sì náà sínú ẹyin adìyẹ tí àkùkọ gùn, tí wọ́n ti sàba fún bí ọjọ́ mọ́kànlá. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, yóò ti pọ̀ nínú omi ẹyin náà. Wọn á fa omi yìí jáde, wọn á fi oògùn pa fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀, wọn á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọn á sì sẹ́ ẹ mọ́. Àwókù ara rẹ̀ ni a ń gún sí ènìyàn lápá, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣíbí ìmu-oògùn kékeré. Ohun tí ó ti kú, tí a sì ti fọ́, kò lè bímọ nínú ara ẹnikẹ́ni. Ẹ fi wé awọ ẹkùn tí a gbé han ajá ọdẹ kí ó lè mọ òórùn rẹ̀: awọ náà kò lè bu ajá jẹ.

Àwọn ọmọdé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa gba irú kan tí wọ́n ń fín sí imú. Ààyè ni fáírọ́ọ̀sì inú ti ìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di aláìlágbára. Ó lè mú imú ọmọ ṣomi fún ọjọ́ díẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tí ọmọ-ọmọ wọn wà níbẹ̀ a sì máa bi wá nípa rẹ̀, nítorí pé ohun tí a rí lára ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn òbí tí kò bá fẹ́ ẹ lè bèèrè fún abẹ́rẹ́ ti apá, èyí tí kò ní i.

Ọ̀rọ̀ ẹyin tí a sọ yìí mú ìbéèrè kan wá láti ẹnu bàbá kan, ìbéèrè tí a kò retí, ṣùgbọ́n tí ó yẹ ìjọ yìí gan-an. Ó ní Ifá ka ẹyin léèwọ̀ fún òun, ǹjẹ́ abẹ́rẹ́ yìí kò ní mú òun jẹ èèwọ̀? A sọ fún bàbá náà pé ẹjọ́ èèwọ̀ kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì, ti babaláwo rẹ̀ ni. Ohun tí ó jẹ́ tiwa ni láti sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ kí babaláwo lè mọ ohun tí òun ń dá sí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sẹ́ omi náà tán, ìwọ̀n ẹyin tí ó kù nínú rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé kò sí rárá. Irú abẹ́rẹ́ fúlúù mìíràn sì wà tí wọn kò fi ẹyin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá ní èèwọ̀ yìí lè béèrè irú rẹ̀ ní pàtó, bí ó bá wà níbi tí ó ti fẹ́ gbà á. Ní ti ẹni tí ẹyin máa ń wú ara rẹ̀ tàbí tí ó máa ń yún un, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìlera, òye àwọn onímọ̀ ìṣègùn lónìí ni pé ìyẹn nìkan kò dí i lọ́wọ́ láti gba abẹ́rẹ́ náà. Ẹni tí kò gbọ́dọ̀ gbà á ni ẹni tí abẹ́rẹ́ fúlúù fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rí, tí ọ̀fun rẹ̀ wú, tí èémí rẹ̀ sì há. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ó tó nǹkan bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù abẹ́rẹ́. Síbẹ̀, òun ló fà á tí a fi ń ní kí ènìyàn jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó lọ: bí yóò bá ṣẹlẹ̀, ìgbà náà ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀, oògùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Ẹ̀rù kan tún wà tí àwọn ọkùnrin ń sọ ju àwọn obìnrin lọ, pé òyìnbó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ dín wa kù, pé ó ń ba ilé ọmọ jẹ́. A kò ní fi ẹ̀rù yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí kò ṣàdédé wá. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń jà ní Kánò, ilé iṣẹ́ oògùn Fáísà ti Amẹ́ríkà dán oògùn tuntun wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá ló kú nínú àwọn tí wọ́n wà nínú ìdánwò náà, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá àwọn òbí mọ̀ pé ìdánwò ni. Oògùn ìtọ́jú ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀ nígbà tí Kánò kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní ọdún 2003, tí àrùn náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ràn lọ sí ìpínlẹ̀ àti orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ rí lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ọ̀rọ̀. Ní ti fúlúù, ìdáhùn wa ni pé abẹ́rẹ́ yìí kò sọ ẹnikẹ́ni di àgàn. Ní ọdún 2012, àwọn aboyún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó gbà á ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ń lò ó. Ìdí rẹ̀ ni pé fúlúù máa ń le lára aboyún, àti pé ìyá a máa pín ààbò náà fún ọmọ inú rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò lè gba abẹ́rẹ́ yìí fúnra rẹ̀, ààbò tí ó bá gbà láti inú ìyá rẹ̀ ni yóò máa lò.

Àwọn mìíràn ní, “Mo ti gbà á ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ti tó.” Kò tó. Fáírọ́ọ̀sì fúlúù dà bí ọ̀gá: bí ó bá ti kúrò lórí ewé yìí bọ́ sí orí òmíràn, àwọ̀ rẹ̀ ti yí. Nítorí èyí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹsàn-án, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pe àwọn onímọ̀ jọ láti wo irú èyí tí ó ń jà káàkiri ayé, kí wọ́n sì yan àwọn tí yóò wà nínú abẹ́rẹ́ tuntun. Ó sì ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é tán. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, fáírọ́ọ̀sì lè tún yí àwọ̀ padà. Ibi tí agbára abẹ́rẹ́ yìí mọ nìyí, a kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Ní ọdún tí yíyàn náà bá bá a mu dáadáa, ó ń dín iye àwọn tí fúlúù yóò gbé dé ilé ìwòsàn kù ní ìwọ̀n bí ogójì sí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún tí kò bá bá a mu, ó ń kéré sí i, lára arúgbó sì ni ó ti sábà ń kéré jù. Ẹni tí ó gbà á lè ṣe fúlúù síbẹ̀. Èrè rẹ̀ ni pé, nígbà púpọ̀, àìsàn náà kì í le tó bí ì bá ti le.

Ó ku ọ̀rọ̀ tiwa nílé. Abẹ́rẹ́ fúlúù kò sí lára àwọn àjẹsára tí ìjọba Nàìjíríà ń fún àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìlera. Ẹ má ṣe wá béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ti ìgbóná èèyí tàbí ti rọpárọsẹ̀, kí ẹ sì rò pé a fi í pamọ́ fún àwọn ènìyàn wa. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni àti ilé oògùn ńlá ní àwọn ìlú ńlá ni a ti ń rà á. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ohun méjì ni kí ẹ wò kí ẹ tó na apá. Ti àkọ́kọ́ ni ọdún tí wọ́n ṣe é fún, nítorí ó máa ń wà lára páálí rẹ̀. Ti ọdún tó kọjá kò wúlò mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń tà á lẹ́dìn-ínwó. Ti èkejì ni ibi tí wọ́n gbé e sí. Inú fíríìjì ni ó gbọ́dọ̀ wà, ní ìwọ̀n otútù 2 sí 8, kò sì gbọ́dọ̀ di yìnyín rárá. Èyí tí ó bá ti di yìnyín rí ti bàjẹ́, kódà bí ó bá ti yọ́ padà, tí ojú rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe ní ilẹ̀ wa. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n ń ṣe bí iná bá lọ fún odidi ọjọ́ kan. Bí ẹni tí ń tà á kò bá rí ìdáhùn fún yín, tàbí bí ó bá yọ ọ́ láti inú àpò aṣọ rẹ̀, ẹ dìde.

Ìyá tí a sọ ìtàn rẹ̀ kò tíì sọ fún wa bóyá òun yóò tún gbà á. Ó ní bí òun bá tún lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òun á ní kí wọ́n gún òun ní ọ̀sẹ̀ tí òun bá débẹ̀ gan-an, kí òun má sì gbé ọmọ tí ń wúkọ́ sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ méjì. A ní, “Ìyá, ṣé ẹ ó lè ṣe é?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti abẹ́rẹ́ ṣeé ṣe, ti ọmọ ni òun kò mọ̀.